Gan-an Kì í Tajà: Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé àti Ẹ̀yán nínú Àpèjúwe Ọjà ní Ṣómólú àti Bàrígà

Ìfáárà

Kókó tí mo fẹ́ bá yín sọ lórí rẹ̀ lónìí kò tóbi lójú. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni: gan-an, púpọ̀, gidigidi, pátápátá, àti àwọn ẹ̀yán tí a máa ń tò léra wọn nígbà tí a bá ń ṣe àpèjúwe ọjà tí a fẹ́ tà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo fẹ́ fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀, pé àwọn díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí ó ṣe pàtàkì, àti pé gírámà èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ fún wa ní ọ̀nà tí a lè fi ya ìkíní sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì.

Ẹni tí ó bá jáde láti Yunifásítì Èkó ní Akọka, tí ó gba Bàrígà kọjá, kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé Ṣómólú, níbi tí àwọn òǹtẹ̀wé kéékèèké pọ̀ sí. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, jọ́tà, àpò oníbébà, gbogbo rẹ̀ ni a ń tẹ̀ níbẹ̀. Ní 2003 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yọ agbègbè ìdàgbàsókè Bàrígà kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú, ṣùgbọ́n ọjà àdúgbò méjèèjì kò pínyà. Ẹni tí ó ń di ìwé ní Ṣómólú lè máa gbé Bàrígà, kí oníbàárà rẹ̀ sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọka.

Nígbà kan, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni oníbàárà náà ń wá. Láti 2012, tí Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ sí í tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára ní orílẹ̀-èdè yìí, àṣà náà ti yí padà díẹ̀díẹ̀. Nísinsìnyí, adìwé tí kò ní ju yàrá kan àti ẹ̀rọ kan lọ a máa ya àwòrán jọ́tà rẹ̀, a gbé e sí ojú fóònù, a sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn ni mò ń pè ní àpèjúwe ọjà. Òun ni oníbàárà yóò kà kí ó tó fi owó ránṣẹ́.

Ọjà tí ọwọ́ kò tí ì kàn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀ tí àwa Yorùbá fi ń kó ọ̀rọ̀ ìyìn jọ sórí ọjà. Wọ́n a máa sọ pé inú oríkì ni a ti kọ́ ọ, àti inú ìpolówó àwọn tí ń kiri. N kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí.

Ẹ wo ìpolówó ní àkọ́kọ́. Ìyá tí ń kiri ọjà lè yin ọjà rẹ̀ bí ó bá ti wù ú, nítorí pé igbá ọjà náà ń bẹ lórí rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ẹ̀kọ òun gbóná, oníbàárà yóò ní kí ó sọ igbá kalẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ kan ewé ẹ̀kọ náà. Ìyìn rẹ̀ ń pe ènìyàn wá ni. Ojú àti ọwọ́ oníbàárà ni yóò parí ìyókù. Lórí fóònù, kò sí igbá tí a lè sọ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ ojú, òun náà ni yóò ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ìyìn nìkan, a ti pe oníbàárà wá síbi tí kò ti ní rí ohunkóhun.

Ní ti oríkì, a kò gbọdọ̀ pè é ní àkójọ ìyìn lásán. A kì í fi oríkì Ìkòyí ki ọmọ Ọ̀fà. Ogun ni a mọ̀ mọ́ Ìkòyí, ìjàkadì ni a mọ̀ mọ́ Ọ̀fà. Bí akígbe bá ṣi ọ̀kan fún èkejì, gbogbo agbo ni yóò mọ̀. Oríkì gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí a ń kì nìkan: ibi tí wọ́n ti wá, ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Gan-an kì í ṣe oríkì ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé àṣà àwọn baba wa nínú àpèjúwe ọjà, kì í ṣe pé kí a máa kó ìyìn jọ. Ohun tí ó jẹ́ ti ọjà yìí nìkan ni kí a máa sọ.

Ìwádìí kan wà tí ó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní 1997, John Morkes àti Jakob Nielsen ní Amẹ́ríkà mú ọ̀rọ̀ kan náà nípa ìpínlẹ̀ Nebraska, wọ́n sì kọ ọ́ ní ọ̀nà márùn-ún sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ọ̀kan kún fún ìyìn bí ti àwọn apolówó ọjà. Òmíràn yọ ìyìn náà kúrò, ó sì fi òkodoro ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n wo bí ó ti rọrùn tó fún àwọn òǹkàwé láti rí ohun tí wọ́n ń wá, kí wọ́n sì rántí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ìyìn nìkan, ìrọ̀rùn náà fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n dín ọ̀rọ̀ kù sí bí ìdajì, ó di 58. Nígbà tí wọ́n ṣe méjèèjì, tí wọ́n sì tún to ọ̀rọ̀ náà kí ojú lè tètè rí kókó rẹ̀, ó di 124. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé òǹkàwé tí ó bá ìyìn pàdé yóò kọ́kọ́ dúró láti ya òótọ́ kúrò lára àsọdùn, iṣẹ́ yẹn sì ń fà á sẹ́yìn.

Gan-an àti fòò

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a wọ inú gírámà. Nínú èdè wa, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò láti fi agbára kún ọ̀rọ̀ ìṣe pín sí ọ̀nà méjì, ìyàtọ̀ wọn sì ṣe kókó fún ohun tí a ń sọ.

Ọ̀nà kìíní ni gan-an, púpọ̀, gidigidi àti dáadáa. Àwọn wọ̀nyí ń bá ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó pọ̀ rìn. A lè sọ pé ilé ga gan-an, aṣọ pupa gan-an, ọbẹ̀ dùn gan-an, ọ̀nà jìn gan-an, ìwà rẹ̀ burú gan-an. Ọ̀rọ̀ tí ó bá gbogbo ènìyàn rìn báyìí kò sọ ohunkóhun nípa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tí ó sọ ni pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fẹ́ kí a gba òun gbọ́.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ọ̀rọ̀ bíi fòò, báláú, fíofío, pẹrẹsẹ àti rúsúrúsú. Àwọn wọ̀nyí kì í bá gbogbo ènìyàn rìn. Aṣọ lè pupa fòò, ṣùgbọ́n kò lè ga fòò. Igi lè ga fíofío, ṣùgbọ́n kò lè funfun fíofío. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀rọ̀ tí ó yàn láàyò, ó sì ń fi kún ìtumọ̀ rẹ̀. Pupa fòò kì í ṣe pupa rúsúrúsú: èkíní mọ́lẹ̀, ó sì ń tàn, èkejì ṣú, ó sì sún mọ́ àwọ̀ ilẹ̀. Ẹni tí ó bá pàṣẹ pupa fòò tí wọ́n fi pupa rúsúrúsú ránṣẹ́ sí i ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹni tí ó bá pàṣẹ pupa gan-an kò mọ ohun tí ó pàṣẹ.

Ibí yìí ni àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ ìpolówó láti inú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣìnà. Ìwé wọn sọ fún wọn pé kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, wọ́n sì gé fòò pọ̀ mọ́ gan-an. Lójú èdè tiwa, ìkan jẹ́ ìyẹ̀fun, ìkan jẹ́ irúgbìn. Òfin tí mo fẹ́ dá lábàá ni èyí: ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó bá lè bá ọ̀rọ̀ ìṣe púpọ̀ rìn, ẹ gé e, èyí tí ó bá yan ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ òótọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yán tí a tò léra

Ẹ̀yán ni ọ̀rọ̀ tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orúkọ láti ṣàlàyé rẹ̀, bíi ńlá nínú ilé ńlá, tàbí tuntun nínú aṣọ tuntun. Yorùbá kì í sábà to ẹ̀yán mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ kan. Bí a bá ní ohun púpọ̀ láti sọ, ọ̀rọ̀ ìṣe ni a ń lò: ilé náà tóbi, ó dojú kọ títì, yàrá mẹ́fà ni ó ní. Nígbà tí a bá rí àpèjúwe tí ó ní “báàgì ńlá, aláràbarà, ìgbàlódé, olówó iyebíye, tuntun,” èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ̀rọ̀ láti inú aṣọ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n àìdùn létí kọ́ ni àléébù rẹ̀ tí ó burú jù. Bí ẹ̀yán bá pọ̀, wọn a máa bo ara wọn mọ́lẹ̀, òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tí ó yẹ kí òun mú dání. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ pé ẹ̀yán tí ó tako ara wọn lè jókòó pọ̀ nínú òkìtì náà láìjẹ́ pé ẹni tí ó kọ wọ́n fura. Ẹ óò rí irú rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ mú wá yìí.

Àpẹẹrẹ kan

Kì í ṣe ti oníṣòwò kan pàtó ni àpèjúwe tí ó wà nísàlẹ̀ yìí. Èmi ni mo kọ ọ́, ní àfarawé irú èyí tí a ń rí lójoojúmọ́. Jọ́tà ni ọjà náà:

“Jọ́tà wa yìí dára gan-an ni, ó rẹwà púpọ̀púpọ̀, ó sì lágbára gidigidi. Ìwé ńlá, aláràbarà, olówó iyebíye, ìgbàlódé, tuntun ni. Bébà tí ó dára jù lọ ni a fi ṣe é. Èèpo rẹ̀ pupa gan-an, ó sì le dáadáa. Ó fúyẹ́ púpọ̀ láti gbé, ó wúlò gidi gan-an fún gbogbo ènìyàn, ó sì tọ́jọ́ pátápátá. Ẹ kò ní kábàámọ̀ rárá.”

Ọ̀rọ̀ 61 ni. Mo máa ń fi ìbéèrè mẹ́ta dán irú àpèjúwe báyìí wò, ní títẹ̀léra. Ìbéèrè kìíní: bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò, kí ni oníbàárà kò ní mọ̀ mọ́? Ìbéèrè kejì: ṣé mo lè gbé gbólóhùn yìí sórí ọjà aládùúgbò láìyí nǹkan kan padà? Ìbéèrè kẹta ni ti ẹni tí ó ni ọjà: kí ni o rí, tàbí kí ni o wọ̀n, tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?

Bí a bá bi àpèjúwe yìí ní ìbéèrè kìíní, gan-an, púpọ̀púpọ̀, gidigidi, dáadáa àti pátápátá yóò jáde lọ láìsí ẹkún. Bí a bá bi í ní ìkejì, “ó dára,” “ó rẹwà,” “ó wúlò” àti gbogbo òkìtì ẹ̀yán yẹn yóò jáde, nítorí pé wọ́n lè wà lórí bàtà, lórí agboòrùn, tàbí lórí ìkòkò. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò ju pé jọ́tà ni, pé èèpo rẹ̀ sì pupa. Nínú ọ̀rọ̀ 61, ohun kan ṣoṣo ni oníbàárà mọ̀ lẹ́yìn orúkọ ọjà.

Ìbéèrè kẹta ni ó ń kọ́ ilé náà padà. Oníṣòwò sọ pé ó lágbára. Kí ni o rí? Yóò dáhùn pé okùn ni òun fi rán ewé rẹ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀mù nìkan ni òun fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ìwé tí a fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ kì í fẹ́ ṣí tán, bí a bá sì fi ipá ṣí i, ewé lè bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èyí tí a rán máa ń là pẹrẹsẹ. Adìwé a kó bébà A4 mẹ́jọ jọ, a ká wọn sí méjì láti di ìdì kan tí ó ní ewé 16, a rán ìdì márùn-ún pọ̀, ewé 80 sì ni yóò jẹ́. Ewé 80 ni ojú-ewé 160. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ yìí, síbẹ̀ “gidigidi” ni ó kọ.

Oníṣòwò sọ pé ìwé ńlá ni, ó tún sọ pé ó fúyẹ́ púpọ̀. Méjèèjì kò lè rọrùn fún oníbàárà láti gbàgbọ́ pọ̀. Èwo ni ká mú? Ìwọ̀n ni yóò parí ìjà. Jọ́tà náà jẹ́ A5, èyí tí í ṣe mìlímítà 148 níbùú àti 210 lóòró, ìdajì bébà A4. Kì í ṣe ìwé ńlá rárá. Ní ti wíwúwo, a lè ṣírò rẹ̀ láìlo òṣùwọ̀n. Nígbà tí òǹtẹ̀wé bá pe bébà ní gíráàmù 80, ohun tí ó ń sọ ni pé bébà náà tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró wọn gíráàmù 80. Ewé A5 méjìlélọ́gbọ̀n ni yóò bo irú ààyè bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín 80 sí ọ̀nà 32, ewé kan jẹ́ gíráàmù méjì àbọ̀, ewé 80 sì jẹ́ gíráàmù 200. Èèpo méjèèjì, tí a fi páálí gíráàmù 300 ṣe, kò tó gíráàmù 19. Bí a bá fi okùn, gọ́ọ̀mù àti láílọ́ọ̀nù kún un, kò yẹ kí ó tó 230.

Ìṣirò yìí kan náà ni a lè fi mọ̀ bóyá ẹni tí ó ta bébà fún wa purọ́. Kí adìwé gbé ewé A5 80 sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná kí ó tó rán wọn. Bí ó bá wọn 200, bébà gíráàmù 80 ni. Bí ó bá wọn 175, bébà 70 ni wọ́n tà fún un. Bí ó bá wọn 150, bébà 60 ni. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n kò gbọdọ̀ kọ 80, nítorí pé iye tí a kò wọ̀n jẹ́ irú gan-an mìíràn tí ó wọ aṣọ ìṣirò.

Lẹ́yìn ìdánwò mẹ́ta yìí, àpèjúwe náà di èyí:

“Jọ́tà A5, ojú-ewé 160, ó ní ìlà. Okùn ni a fi rán an, ó ń là pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Bébà gíráàmù 80. Èèpo páálí pupa fòò, a fi láílọ́ọ̀nù tín-ín-rín bò ó. Kò wúwo tó gíráàmù 230. Bí ewé kan bá já láàrin oṣù mẹ́ta, a ó pààrọ̀ rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ 49 ni èyí. Ẹ kíyè sí i pé a kò dín ju ọ̀rọ̀ 12 lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí oníbàárà ti mọ ohun kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀, ó ti mọ ohun mẹ́sàn-án nísinsìnyí: ìtóbi, iye ojú-ewé, ìlà, ọ̀nà tí a gbà dì í, bébà, àwọ̀, ohun tí ó bo èèpo, wíwúwo, àti ohun tí oníṣòwò yóò ṣe bí ó bá bàjẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ ti gùn tó kọ́ ni a fi ń mọ̀ pé ó mú. Gbólóhùn kúkúrú tí kò ní nǹkan nínú kì í gún ẹnikẹ́ni.

Ẹ tún wo bí a ti to ọ̀rọ̀ náà. Fóònù kì í sábà fi gbogbo àpèjúwe hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò hàn, a ó sì ní kí òǹkàwé tẹ ìyókù bí ó bá fẹ́. Nínú àpèjúwe ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ 13 tí ó ṣáájú parí sí gidigidi. Nínú èkejì, ẹni tí kò bá ka ju gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ lọ ti mọ ohun tí ó ń rà.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ gé

Ọ̀bẹ tí ó mú lè gé ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Nǹkan mẹ́ta wà tí mo rí i pé àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń gé láìyẹ.

Èkíní ni àwítúnwí ẹ̀yán. Bí ẹnìkan bá kọ “àpò ńlá ńlá,” ojú tí ó kọ́ láti máa gé nǹkan yóò rò pé ńlá kan ti pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, a máa ń pe ẹ̀yán lẹ́ẹ̀mejì láti fi hàn pé ohun tí a ń sọ ju ẹyọ kan lọ. Àpò ńlá lè jẹ́ ẹyọ kan. Àpò ńlá ńlá jẹ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá gé ọ̀kan nínú wọn lè ti ta àpò mẹ́wàá ní iye ẹyọ kan.

Èkejì ni ẹ̀yán tí ó ń yà sọ́tọ̀. Tuntun kò wúlò lórí jọ́tà, nítorí kò sí ẹni tí ń wá jọ́tà àlòkù. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí fóònù, níbi tí tòkúnbọ̀ àti tuntun ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tuntun lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àpèjúwe náà. Bákan náà, bí oníṣòwò bá ní oríṣi méjì, ńlá àti kékeré kì í ṣe ìyìn mọ́, orúkọ ni wọ́n.

Ẹ̀kẹta, tí ó léwu jù, ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ń dín agbára ọ̀rọ̀ kù: díẹ̀, tètè, fẹ́rẹ̀ẹ́, nìkan. Wọ́n jọ gan-an ní ìrísí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kéékèèké ni àwọn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. “Omi kì í tètè wọ inú èèpo rẹ̀” jẹ́ òótọ́ nípa páálí tí a fi láílọ́ọ̀nù bò, nítorí pé etí páálí náà ṣí sílẹ̀ níbi tí a ti gé e. Bí a bá gé tètè kúrò, ó di “omi kì í wọ inú èèpo rẹ̀,” gbólóhùn náà sì dún dáradára létí, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Gan-an ń sọ ju ohun tí a mọ̀ lọ. Tètè ń jẹ́ kí a dúró síbi tí ìmọ̀ wa dé. Ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ tí ó mú kò gbọdọ̀ fi òótọ́ ra á.

Ìlérí àti òfin

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí gan-an kò bá ṣe oore, ṣé ó ń ṣe ibi ni? Ẹjọ́ àtijọ́ kan lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Ní 1891, ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́nù, Carbolic Smoke Ball Company, polówó nínú ìwé ìròyìn pé àwọn yóò san 100 pọ́n-ùn fún ẹni tí ó bá lo oògùn àwọn bí àwọn ti wí, tí àìsàn ọ̀fìnkìn sì tún mú un. Wọ́n fi kún un pé àwọn ti kó 1,000 pọ́n-ùn sí báǹkì fún ìdí yẹn. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Carlill lò ó, àìsàn náà mú un, ó sì pe wọ́n lẹ́jọ́. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ apolówó lásán ni. Ní 1892, ilé-ẹjọ́ kò gbà fún un: ẹni tí ó dárúkọ iye owó, tí ó sì kó owó sí báǹkì, ti ṣe ìlérí, ó sì gbọdọ̀ san án.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí nínú ẹjọ́ yìí ni ìyàtọ̀ tí òfin fúnra rẹ̀ ṣe. “Ó dára gan-an” jẹ́ afẹ́fẹ́. Ilé-ẹjọ́ kò lè dì í mú. “A ó san 100 pọ́n-ùn” ní ara, ó sì ṣeé dì mú. Oníbàárà náà mọ ìyàtọ̀ yìí bí kò tilẹ̀ ka ìwé òfin rí. Nígbà tí ó bá rí gan-an, ó mọ̀ pé oníṣòwò kò fi ohunkóhun dúró. Nígbà tí ó bá rí “bí ewé kan bá já láàrin oṣù mẹ́ta, a ó pààrọ̀ rẹ̀,” ó mọ̀ pé ẹnìkan ti fi ara rẹ̀ sí abẹ́ ìlérí. Èyí ni ó fi jẹ́ pé gbólóhùn tí ó rọ́pò “ẹ kò ní kábàámọ̀ rárá” náà ni ó wúwo jù nínú àpèjúwe wa, òun náà sì ni oníṣòwò kò gbọdọ̀ kọ bí kò bá ní í mú un ṣẹ. Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin 2018 tí ó dá àjọ tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sílẹ̀ kò gba oníṣòwò láyè láti sọ ohun tí yóò ṣi oníbàárà lọ́nà nípa ọjà.

Àgbálọgbábọ̀

Báwo ni oníṣòwò yóò ṣe mọ̀ pé àpèjúwe òun ti tó? Kí ó má ṣe gbára lé bí ó ti dùn mọ́ òun létí. Kí ó mú ìwé kan, kí ó sì máa kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn oníbàárà bá fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ewé mélòó ni? Ṣé ó ní ìlà? Ṣé ó tóbi tó ìwé tí a ń lò ní kíláàsì? Ìbéèrè tí ó bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ òkodoro ọ̀rọ̀ kan tí ó sọnù nínú àpèjúwe náà, ó sì ṣeé ṣe kí gan-an kan ti jókòó sí ààyè rẹ̀. Kí ó gbé gan-an náà dìde, kí ó fi ìdáhùn náà sí i. Bí ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn bá kọjá tí ìbéèrè náà kò wá mọ́, iṣẹ́ ti parí lórí ọjà yẹn.

Adìwé tí ó wà ní Ṣómólú kò ṣe aláìní ohun tí yóò sọ. Ó mọ bébà rẹ̀, ó mọ okùn rẹ̀, ó mọ iye ìdì tí ó rán pọ̀. Ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àpèjúwe tí oníbàárà ń wá. Gan-an àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó dí ẹnu ọ̀nà tí ìmọ̀ náà ì bá gbà jáde.